Lẹ́tà Olùkọ́ Tó Fẹ́ Di Alákòóso Iṣẹ́ Àkànṣe

Bí ẹnikẹ́ni bá mọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kọ, ó yẹ kó jẹ́ olùkọ́. Òun ló ń dúró níwájú pátákó tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì pé àdírẹ́sì tiwọn ni yóò wà lápá ọ̀tún lókè, kí déètì tẹ̀ lé e, kí àdírẹ́sì ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí wà lápá òsì, kí àkọlé wà láàárín, kí wọ́n má sì gbàgbé ìfọwọ́sí nísàlẹ̀. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì Wáẹ́ẹ̀kì, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 450 ọ̀rọ̀. Máàkì 50 ló wà fún un: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún bí èdè ṣe já geere sí, 10 tó kù fún ìkọ̀wé tí kò ní àṣìṣe.

Ìgbà tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ bá wá fẹ́ kúrò ní kíláàsì, tó fẹ́ di alákòóso iṣẹ́ àkànṣe ní àjọ aládàáni kan, lẹ́tà tí yóò gba máàkì 45 nínú 50 ló máa ń kọ. Wọn kì í sì í pè é. Ìdí ni pé ẹni tó ń kà á kò mú ìwé máàkì Wáẹ́ẹ̀kì dání. Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì rẹ̀, ìbéèrè méjì ló sì ń bi lẹ́tà olùkọ́: kí ló gbé olùkọ́ dé ibí, kí ló sì fi hàn pé ó lè ṣe iṣẹ́ yìí? Lẹ́tà tí kò bá dáhùn méjèèjì kí ojú ìwé kan tó tán, bí èdè rẹ̀ ti wù kó dùn tó, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọn yóò tì í sí.

Kí a tó sọ bí a ṣe ń dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí alákòóso ń ṣe gan-an. PMI, àjọ àwọn tó ń darí iṣẹ́ àkànṣe, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, gbà pé iṣẹ́ àkànṣe ni iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní òpin, tí a sì dá lé láti mú ohun kan pàtó jáde. Kíkọ́ ilé ìyàgbẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ 12 láàárín ọdún kan jẹ́ iṣẹ́ àkànṣe. Fífọ ilé ìyàgbẹ́ náà ní àràárọ̀ kì í ṣe é. Alákòóso kọ́ ló ń gbẹ́ ilẹ̀, òun kọ́ ló ń san owó, òun kọ́ sì ni ọ̀gá pátápátá, nítorí olùdarí sábà máa ń wà lókè rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ ẹni tó yẹ kó ṣe kí ni àti ọjọ́ tó yẹ kó ṣe é, láti pe onítọ̀hún kí ọjọ́ tó kọjá, láti kọ ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí sílẹ̀, kó sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn tó gbé owó kalẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ níbẹ̀. Kọngílá kì í ṣe ọmọọṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè ní kó padà wá lọ́la, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè má gbé fóònù, akáǹtáǹtì àjọ náà sì ní ọ̀gá tirẹ̀. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ bá dúró, alákòóso ni wọn yóò kọ́kọ́ bi.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà olùkọ́ ti ń ṣìnà. Kíláàsì ni olùkọ́ máa ń fi ṣe ẹ̀rí: ó kọ́ ọmọ 60 lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo kò sí, ìdá tó pọ̀ jù nínú wọn yege. Òótọ́ ni, ó sì tó ìyìn. Àmọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí olùkọ́ lẹ́nu, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀. Kọngílá kò gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí alákòóso. Nítorí náà, ìtàn tó yẹ kí lẹ́tà gbé dání ni ìtàn tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́: àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni, àwọn òbí, akápò, oníkánópì, ọlọ́kọ̀, àwọn ará àdúgbò. Olùkọ́ tí kò bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ẹnìkan ló ń kó ìdíje eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ jọ lọ́dọọdún, tó ń wá kánópì, tó ń kọ lẹ́tà sí àwọn àlejò, tó sì ń bá onífoto dúnàá dúrà. Ẹlòmíràn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹlòmíràn sì ló mú ọmọ 80 lọ sí Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta tó kó gbogbo wọn padà láìpàdánù ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀. Wọn kì í kàn kà á sí iṣẹ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò san owó ọ̀tọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Àwa la hun ún, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Obìnrin ni, ó ń kọ́ni ní Báyọ́lọ́jì ní Òṣogbo, ó sì ti lo ọdún 9 lẹ́nu rẹ̀. Ó rí ìkéde iṣẹ́ kan: àjọ kan fẹ́ kọ́ ilé ìyàgbẹ́ àti ibi ìfọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 12, ó sì ń wá alákòóso. Nǹkan mẹ́rin ni ìkéde náà bèèrè: kí ó lè ṣètò ìbẹ̀wò, kí ó lè tọ́jú àkọsílẹ̀ ìnáwó, kí ó lè kọ ìròyìn lóṣooṣù, kí ó sì lè bá àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n fi kún un pé àwọn fẹ́ ẹni tó ti ní ìrírí ọdún 2.

Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ lẹ́tà rẹ̀ o, nítorí èdè yẹn ni irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ń lò. Àwa ni a ń sọ ọ́ ní Yorùbá níhìn-ín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ lọ báyìí:

“Mo fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ kọ̀wé láti bèèrè fún ipò alákòóso ní àjọ yín tó lókìkí. Lóòótọ́, mi ò ní ìrírí nínú irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ aláápọn ni mí, mo sì máa ń tètè mọ nǹkan. Ọdún 9 ni mo ti fi kọ́ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ń yege dáadáa. Mo lè bá oríṣiríṣi èèyàn ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá lè fún mi ní àǹfààní yìí, mi ò ní já yín kulẹ̀.”

Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀ tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò fi bíìrò pupa yí po. Gbólóhùn kejì ló kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́: ẹnikẹ́ni kò tíì bi í, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n ṣe. Aláápọn àti atètèmọ̀, gbogbo ẹni tó kọ̀wé ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí ẹni tó ń kà á ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yege, ọ̀rọ̀ kíláàsì nìyẹn. A lè gé orúkọ ipò náà kúrò, kí a fi “olùtọ́jú ilé ìkàwé” rọ́pò rẹ̀, kò sì sí gbólóhùn mìíràn tí a óò yí padà. Ọ̀nà kan nìyẹn tí olùkọ́ fi lè yẹ lẹ́tà ara rẹ̀ wò: bí ó bá lè bá ipò mìíràn mu láìyí nǹkan kan padà, kò tíì kọ ọ́.

Kò sí ibì kankan tó ti dárúkọ ohun tó ti ṣe tó bá iṣẹ́ yìí mu jù lọ. Fún ọdún 3, òun ni olùkọ́ tó ń mójú tó ìforúkọsílẹ̀ Wáẹ́ẹ̀kì ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tí kò ṣe é rí lè rò pé kíkọ orúkọ ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò yan iṣẹ́ 8 tàbí 9. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà pẹ̀lú bó ṣe fẹ́ kó wà lórí ìwé ẹ̀rí, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti ṣì lórí ìwé ẹ̀rí mọ ìyà tó ń jẹ òun. Fọ́tò wà níbẹ̀, ìtẹ̀ka wà níbẹ̀, máàkì iṣẹ́ kíláàsì tó yẹ kí olùkọ́ mìíràn fi sílẹ̀ wà níbẹ̀. Owó tí àwọn òbí kan kò tètè san wà níbẹ̀. Gbèdéke ọjọ́ kan ṣoṣo sì wà, tí ẹni tó bá kọjá rẹ̀ yóò san owó ìtanràn. Bí kì í bá ṣe àkóso nìyẹn, kí wá ni àkóso?

Lẹ́tà rẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀:

“Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo gba ìforúkọsílẹ̀ Wáẹ́ẹ̀kì ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, a rí àṣìṣe lórí àkọsílẹ̀ ọmọ 23 nínú 158 lẹ́yìn tí a ti fi wọ́n ránṣẹ́. Mo pín iṣẹ́ náà sí ìpele 4, mo fi ọjọ́ sí ìpele kọ̀ọ̀kan, mo sì ṣe àtẹ kan lórí Excel tí àwọn olùkọ́ kíláàsì 4 jọ ń kún. A ò fi orúkọ ọmọ kankan ránṣẹ́ àfi bí òbí rẹ̀ bá ti ka ìwé rẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, èmi àti akápò ń fi orúkọ àwọn tó ti sanwó wé àtẹ náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà lọ fún ìsinmi ìbímọ, mo pín ọmọ 41 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn 3 tó kù láàárín ọjọ́ 2. A fi orúkọ ọmọ 164 ránṣẹ́ ní ọjọ́ 6 ṣáájú gbèdéke. Àṣìṣe 2 péré la rí.”

Kò pe ara rẹ̀ ní aláápọn níbì kankan nínú rẹ̀, kò sì nílò rẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà nínú ìtàn náà ni olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òbí àti akápò, kò sì lè pàṣẹ fún ọ̀kankan nínú wọn. Gbólóhùn tó wúlò jù níbẹ̀, lójú tiwa, ni ti olùkọ́ tó lọ bímọ, nítorí pé iṣẹ́ tí kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ń gba alákòóso síṣẹ́ mọ̀ pé kọngílá yóò já àjọ náà kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí i.

Àmọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó ní: “Ìforúkọsílẹ̀ Wáẹ́ẹ̀kì ń wáyé lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ àkànṣe.” Kò parọ́. Ìdí nìyí tí obìnrin náà kò fi kọ ọ́ pé “fún ọdún 3, mo ń forúkọ ọmọ sílẹ̀.” Ọdún kan ló mú, ọdún tó yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é padà, ó sì fi ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wé ohun tó kẹ́yìn rẹ̀. Àyípadà yẹn ló ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún ẹni tó ń kó eré ìdárayá jọ: kó má sọ̀rọ̀ nípa ọdún 5, kó sọ ti ọdún tí òjò lé wọn kúrò ní pápá tí wọ́n sì ní láti tún gbogbo nǹkan tò.

Ọ̀rọ̀ owó ni ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń sọdá ààlà. Wọ́n á gbọ́ pé alákòóso ń tọ́jú ìnáwó, wọ́n á sì kọ ọ́ pé àwọn “ṣàkóso owó” ilé-ẹ̀kọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ọwọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti akápò ni owó wà. Bí wọ́n bá bi olùkọ́ náà nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ta ló ń fọwọ́ sí owó, èló ni wọ́n fún un láṣẹ láti ná, yóò já sófo. Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí kọ: òun àti akápò ń fi orúkọ wé orúkọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìbáramu àkọsílẹ̀ nìyẹn, ohun tí àwọn alákòóso ń bá akáǹtáǹtì ṣe lóṣooṣù gan-an sì ni. Ó kéré sí “ìṣàkóso owó” létí, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè tó lè wó o lulẹ̀. Ẹni tó bá ran èèyàn lọ́wọ́, kó kọ ọ́ pé òun ṣèrànwọ́. Ẹni tó bá darí, kó kọ ọ́ pé òun darí, kó sì sọ iye ènìyàn tó darí.

Apá kejì lẹ́tà náà kúrú. Níbẹ̀ ló ti dáhùn ìbéèrè pé kí ló gbé olùkọ́ dé ibí. Kò sọ̀rọ̀ owó oṣù tí kò tó, kò sì bú ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tó lè sọ. Gbólóhùn kan ló lò: iṣẹ́ tí òun ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì ló ti di èyí tí òun mọ̀ ọ́n ṣe jù, òun sì fẹ́ kó di iṣẹ́ òun gan-an. Lẹ́yìn náà ló mú ohun kan wá tí alákòóso tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lè má ní:

“Ìbẹ̀wò sí ilé-ẹ̀kọ́ 12 yín yóò bọ́ sínú ọdún ilé-ẹ̀kọ́ tó ní táàmù 3. Ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé, àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú ìpàdé. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, wọn kò ráyè àlejò. Láàárín ìparí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ilé-ẹ̀kọ́ ṣófo, ìgbà náà ló sì rọrùn jù láti gbẹ́ ilẹ̀, bí òjò bá gbà.”

Gbólóhùn yìí sọ ọdún 9 tó wà ní kíláàsì di ohun tí àjọ náà nílò. Èyí náà ló fà á tí a fi rò pé ó dára kí olùkọ́ kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn kan ilé-ẹ̀kọ́, ọmọdé tàbí ìlera àwùjọ. Ó lè bèèrè ní ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ afárá tàbí tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní bá a gbé ẹrù kankan, òun àti ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí ni yóò sì jọ máa du ipò kan.

Ti ìrírí ọdún 2 tí wọ́n bèèrè ńkọ́? Obìnrin náà ka ọdún 3 tó fi ṣe ìforúkọsílẹ̀ náà, ó pè é ní orúkọ rẹ̀, kò sì pe ara rẹ̀ ní alákòóso iṣẹ́ àkànṣe tẹ́lẹ̀ rí. Àjọ mìíràn yóò gbà á, òmíràn kò ní gbà á. Bí ìkéde bá sọ pé ọdún 5 tàbí pé ẹni náà ti gbọ́dọ̀ darí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó iye kan pàtó, lẹ́tà kò lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Kí ó wá ipò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, irú bí igbákejì alákòóso tàbí òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àkànṣe.

Ìwé ẹ̀rí lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, bí ó bá mọ èyí tó yẹ. Èyí tí PMI ń pè ní PMP, tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, àgbàdo inú ìgò ló jẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní kíláàsì: ẹni tó ní dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin gbọ́dọ̀ ti fi oṣù 36 darí iṣẹ́ àkànṣe kó tó lè jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. CAPM ni ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Kò bèèrè ìrírí. Ìwé ẹ̀rí girama àti ẹ̀kọ́ wákàtí 23 lórí àkóso iṣẹ́ ló bèèrè, lẹ́yìn náà ìdánwò oníbéèrè 150 fún wákàtí 3. Bí ó bá ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́, gbólóhùn kan tó fún un nínú lẹ́tà, pẹ̀lú oṣù tí ìdánwò rẹ̀ bọ́ sí. Bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, kó má dárúkọ rẹ̀ rárá. “Mo ní í lọ́kàn láti kọ́ ọ” kò yàtọ̀ sí kí èèyàn má sọ nǹkan.

Gbogbo lẹ́tà náà kò ju nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ lọ, ojú ìwé kan pẹ̀lú àyè lápá méjèèjì. Èyí máa ń ṣòro fún olùkọ́ tó ti fi ọdún púpọ̀ máa gé máàkì ọmọ tí àròkọ rẹ̀ kò tó 450. Ìwé ẹ̀rí, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́, gbogbo wọn ti wà nínú ìwé ìtàn-iṣẹ́ tí yóò fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kò yẹ kí lẹ́tà tún wọn sọ. Bí ìkéde bá ní kí wọ́n fi orúkọ ipò ṣe àkọlé ímeèlì, kí ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò lè tẹ̀ lé ìlànà ìlà kan, wọn kò ní fi ilé-ẹ̀kọ́ 12 lé e lọ́wọ́.

Ó ku ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dárúkọ, inú ọ̀gá náà sì lè dùn láti sọ pé olùkọ́ dáadáa ni. Ìyẹn kò ní tó níbi báyìí, torí pé wọn yóò bi í léèrè nípa ọmọ 164 àti àṣìṣe 23 tó di 2, ó sì lè má rántí. Akápò tí wọ́n jọ ń fi orúkọ wé orúkọ lọ́jọ́ Jímọ̀ lè rántí jù ú lọ. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fi ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ lọ bá a jókòó, ẹ jẹ́ kó ka lẹ́tà náà, ẹ sì yí iye tí kò bá bá ti inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mu padà kí ẹ tó fi í ránṣẹ́.